Fọ́ǹtì láti ọwọ́ akọ̀wé pátákó: kí ló dé tí inú lẹ́tà ń dí, tí àmì ohùn sì ń jábọ́?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Bàbá mi máa ń kọ pátákó ìtajà àti ara mọ́tò kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ A dé Z fún mi sórí káàdíbọ́ọ̀dù, ńlá àti kékeré. Mo fi fóònù yà á, mo fi Inkscape tọ ọ́ di fẹ́kítọ̀, mo kó o sínú FontForge, mo sì gbé fọ́ǹtì jáde. Ṣùgbọ́n etí àwọn lẹ́tà ń rí wúruwùru, inú a, e àti o dí pa, bí mo bá sì tẹ ‘Ọ̀ṣun’ tàbí ‘ẹ̀kọ́’, àmì ohùn á jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣé ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi ni kò ṣe é sọ di fọ́ǹtì ni?”

Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ bàbá yín. Ẹni tó fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó títí tó fi fẹ̀yìn tì ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ṣe fọ́ǹtì ṣì ń wá kiri: ibi tó yẹ kí ìfà lẹ́tà ti sanra, ibi tó yẹ kó ti tín-ín-rín, àti bí lẹ́tà kan ṣe ń jókòó ti èkejì. Wàhálà mẹ́ta tí ẹ bá pàdé yìí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orísun wọn. Etí wúruwùru wá láti ara fọ́tò, ó sì wá láti ara kókó, ìyẹn àwọn ojú tó ń darí bí ìlà ṣe ń tẹ̀, tó pọ̀ jù lórí ìlà lẹ́tà. Inú lẹ́tà dí nítorí ọ̀nà tí fọ́ǹtì ń gbà mọ ibi tí yóò kùn àti ibi tí yóò fi sílẹ̀. Ti àmì ohùn kò tilẹ̀ kan títọ lẹ́tà rárá. Iṣẹ́ tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Èrò kan wà tí mo fẹ́ ká kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Nígbà tí ẹ bá tẹ Path > Trace Bitmap nínú Inkscape, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé lẹ́tà a ni òun ń wò. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ náà lábẹ́lẹ̀ ni Potrace tí Peter Selinger kọ, dúdú àti funfun nìkan ló sì ń rí. Ó ń fa ìlà gba gbogbo ibi tí dúdú ti pàdé funfun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀dà bá ràn díẹ̀ sínú káàdíbọ́ọ̀dù, yóò tọ ibi tó ràn dé. Bí òjìji ọwọ́ yín bá bọ́ sórí lẹ́tà nígbà tí ẹ ń ya fọ́tò, yóò tọ òjìji náà mọ́ ọn. Ohun tó wá gbé lé yín lọ́wọ́ ni àwòrán ọ̀dà tó gbẹ sórí káàdíbọ́ọ̀dù. Inú rẹ̀ ni lẹ́tà bàbá yín wà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa yọ ọ́ jáde.

Fọ́tò fóònù yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Lẹ́ǹsì fóònù máa ń tẹ etí bébà, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í dọ́gba káàkiri, nítorí náà lẹ́tà tó wà ní igun kì í rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó wà láàárín. Ẹ gbé iṣẹ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì tí wọ́n sì ní sikánà. Ẹ ní kí wọ́n yà á ní 600 dpi, kí wọ́n sì fi pamọ́ sí PNG. Kí wọ́n má lo JPEG, torí JPEG máa ń da àbàwọ́n wínníwínní sí etí gbogbo ìlà, Potrace á sì tọ àwọn náà. Lẹ́tà kékeré tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 yóò ní nǹkan bíi píksẹ́lì 700 ní gíga tí wọ́n bá yà á ní 600 dpi, ìyẹn sì tó dáadáa. Tó bá jẹ́ káàdíbọ́ọ̀dù aláwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń fa ọ̀dà mu ni bàbá lò, mo máa bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tún un kọ sórí bébà funfun tó dán, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Mo máa sọ ohun tí a fẹ́ fi àkọtúnkọ yẹn ṣe láìpẹ́.

Nínú Trace Bitmap, abala tó ń fi àwọ̀ kan ṣoṣo tọ nǹkan ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì yan Brightness cutoff. Ẹ yẹra fún Edge detection, torí ìlà méjì ló máa ń fà fún etí kan ṣoṣo, lẹ́tà á wá di oníhò gbọọrọ. Nọ́ńbà tó wà níwájú Threshold ló ń sọ bí nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ dúdú tó kó tó di ara lẹ́tà. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa wo e kékeré: bí ó bá ga jù, ihò kékeré tó wà lókè e á bẹ̀rẹ̀ sí í dí, bí ó bá kéré jù, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti tín-ín-rín á já. Ibi tí méjèèjì kò ti ṣẹlẹ̀ ni ibi tó tọ́. Speckles ló ń gbá àbàwọ́n ọ̀dà kéékèèké dànù. 2 tí Inkscape fi síbẹ̀ kéré jù fún ohun tí a yà ní 600 dpi, ẹ lè gbé e dé 50. Optimize náà, bí ẹ bá gbé e kúrò ní 0.2 sí bíi 1, kókó á dín kù. Smooth corners ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: bí igun tó mú lára T tàbí K bàbá bá ti ń di róbótó, ẹ dín in kù.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí inú lẹ́tà tó dí. Ohun méjì ló lè fà á, wọn ò sì jọra. Èkíní ni pé ẹ ti lè lo abala tó ń tọ àwọ̀ púpọ̀. Abala yẹn máa ń gbé o dúdú kan kalẹ̀ láìní ihò, á wá fi róbótó funfun lé e lórí. Lójú Inkscape, ihò lẹ rí. Ṣùgbọ́n fọ́ǹtì kò mọ àwọ̀. Ohunkóhun tó bá ní ìlà àyíká, kíkùn ló máa kùn ún, ó sì máa kun róbótó funfun yẹn náà. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ fa àárín o sí ẹ̀gbẹ́ nínú Inkscape: bí nǹkan funfun kan bá tẹ̀lé ọwọ́ yín, òun nìyẹn. Ẹ dá a padà sí ààyè rẹ̀, ẹ mú òun àti dúdú náà pọ̀, ẹ tẹ Path > Difference, ihò gidi á sì là. Ohun kejì ni ìhà tí ìlà ń kọrí sí. Gbogbo ìlà àyíká nínú fọ́ǹtì ló ní ìhà tó ń gbà yí po. Nínú FontForge, ìlà ìta gbọ́dọ̀ máa yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ti inú á sì yí lódìkejì. Bí àwọn méjèèjì bá ń yí síbì kan náà, fọ́ǹtì á gbà pé ara kan náà ni wọ́n, á sì kun gbogbo rẹ̀. Ẹ mú lẹ́tà náà, ẹ tẹ Element > Correct Direction. Bí ihò bá là lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí kò bá là, ẹ padà sídìí ti àkọ́kọ́.

Bí ẹ ṣe ń kó lẹ́tà láti Inkscape lọ sí FontForge náà gba ìṣọ́ra, ẹ kò dárúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n ó lè ti ṣẹlẹ̀ sí yín. Bí ẹ bá fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pamọ́ láìṣètò ojú ìwé rẹ̀, FontForge lè na ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kún àpótí rẹ̀, a kékeré á wá ga tó l. Láti dènà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú ìwé gbogbo lẹ́tà jẹ́ 1000 sí 1000 ní píksẹ́lì, kẹ́ ẹ fa ìlà ìtọ́nà kan ní 200 láti ìsàlẹ̀. Ìlà yẹn ni gbogbo lẹ́tà ń jókòó lé. Ìrù g, j, p, q àti y nìkan ló máa kọjá rẹ̀ sísàlẹ̀. Nínú FontForge, ní Element > Font Info > General, kí Em Size jẹ́ 1000, Ascent 800, Descent 200, kí ìwọ̀n ìhà méjèèjì lè bára mu. Gbogbo lẹ́tà gbọ́dọ̀ wá láti ara sikáànì kan náà láìsí pé ẹ dín ọ̀kan kù tàbí sọ ọ́ di ńlá, kí ìsanra ìfà má bàa yàtọ̀.

Kókó ló kù, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Ẹ ṣí o kékeré tí Potrace tọ, kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ẹ óò rí kókó wẹ́wẹ́ tó tò yí i ká, ó lè lé ní ogójì. Kókó kọ̀ọ̀kan ní apá méjì tó ń sọ bí ìlà ṣe máa tẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde, nítorí náà ibi kọ̀ọ̀kan tí kókó bá wà ni ìlà ti lè gbọ̀n. Ogójì kókó túmọ̀ sí ogójì ààyè láti gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ o kò nílò ju kókó mẹ́jọ lọ: mẹ́rin lára ìlà ìta, mẹ́rin lára ti inú. Ibi góńgó ni wọ́n ń wà, ìyẹn òkè pátápátá, ìsàlẹ̀ pátápátá, àti ibi tó jìnnà jù lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Apá kókó tòkè àti tìsàlẹ̀ máa ń nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì máa ń dúró ṣánṣán. Ìdí tí ibi góńgó fi ṣe pàtàkì ni pé àwọn ètò tó ń gbé lẹ́tà sórí sikirínì ń wá kókó níbẹ̀ láti mọ ibi tí lẹ́tà dé. Bí kò bá sí níbẹ̀, lẹ́tà kékeré á rí bàìbàì, FontForge náà á sì fẹjọ́ sùn pé àwọn góńgó kò ní kókó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá àbùjá níbí: wọ́n á máa tẹ Path > Simplify ní àtẹ̀túntẹ̀ títí kókó á fi dín kù. Ẹ má ṣe é. Simplify kò mọ igun tí bàbá yín mọ̀ọ́mọ̀ gé yàtọ̀ sí ìwárìrì ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń rá papọ̀, àti pé kókó tó bá ṣẹ́kù kì í sábà bọ́ sí ibi góńgó. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi àwòrán tí Potrace tọ sí abẹ́, mo máa tún lẹ́tà náà fà lókè rẹ̀. Nínú FontForge, ẹ gé ìlà náà kúrò ní Fore, ẹ tẹ Back nínú àpótí Layers, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, kẹ́ ẹ sì padà sí Fore. Yóò máa hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lábẹ́. Ẹ wá fi kókó yín lé e.

Ẹ jẹ́ ká fi o kan ṣe é. Ká ní lẹ́tà kékeré bàbá ga ní 500 láti orí ìlà ìjókòó. Lẹ́tà róbótó gbọ́dọ̀ kọjá ìlà yẹn díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ kí ojú tó lè gbà pé ó bá n dọ́gba, nítorí náà o wa máa ti −10 lọ sí 510. Kókó òkè ìta wà ní (275, 510), ti ìsàlẹ̀ ní (275, −10), ti òsì ní (45, 250), ti ọ̀tún ní (505, 250). Fún ohun tó rí róbótó, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú apá tó gùn ní ìlọ́po 0.55 ìdajì fífẹ̀ tàbí ìdajì gíga. Ìdajì fífẹ̀ níbí jẹ́ 230, apá kókó òkè á jẹ́ nǹkan bíi 127; ìdajì gíga jẹ́ 260, apá kókó ẹ̀gbẹ́ á jẹ́ 143. Ìlà inú, ẹ ṣe é bákan náà pẹ̀lú ìsanra ìfà tí ẹ rí lábẹ́: bí ẹ̀gbẹ́ bá sanra ní 90, kókó òsì inú bọ́ sí 135. Ẹ óò rí i pé o bàbá yín kò rí bí èyí gan-an. Ó lè wọ́ sí ọ̀tún díẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wúwo ju òkè lọ. Ẹ wá máa fa kókó àti apá náà lọ bá àwòrán abẹ́ títí wọn á fi bára mu. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àwòrán abẹ́ mọ́, kẹ́ ẹ wo ohun tó kù.

Àkọtúnkọ tí mo ní kí bàbá ṣe wúlò níbí yìí. Ìbéèrè tó máa ń yọ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ni pé báwo ni wọ́n ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ọwọ́ akọ̀wé àti èyí tó jẹ́ ẹ̀gbin bébà. Ẹ tẹ́ n mẹ́rin tí wọ́n kọ síwájú. Bí ẹ bá rí wíwú kékeré kan níbi tí èjìká n ti bọ́ kúrò lára òpó rẹ̀, tí ó sì wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọwọ́ bàbá nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún wò ó lára h àti m, ó yẹ kó wà níbẹ̀ náà. Bí ó bá wà lára ẹyọ kan péré, bébà tàbí ọ̀dà ló fà á, ẹ yọ ọ́ dànù. Mo máa ń fi ọ̀nà yìí ṣe ìpinnu ju ojú lásán lọ, torí ojú tó bá ti pẹ́ lórí lẹ́tà kan kì í mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Ní ti àmì ohùn, ẹ jẹ́ kí n fi ọkàn balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, torí òun ló ń sọ ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà di èyí tí kò wúlò fún wa. Nínú Yúníkóòdù, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà ẹ ní àyè tirẹ̀, U+1EB9. Ọ ní U+1ECD, ṣ ní U+1E63. Í àti à náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní àyè kankan fúnra wọn. Nígbà tí ẹ bá tẹ ọ̀, ohun méjì ló ń wọlé: ọ, lẹ́yìn náà àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó dá dúró, U+0300. Bí fọ́ǹtì yín bá ti ní A dé Z nìkan, kò ní àmì náà rárá. Ètò tí ẹ fi ń kọ̀wé á lọ yá a lára fọ́ǹtì mìíràn, á sì gbé e síbi tó bá rí, tàbí kó fi àpótí òfìfo síbẹ̀. Ohun tí ẹ rí nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ ní kí bàbá fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà kọ àmì mẹ́rin: ti ohùn òkè, ti ohùn ìsàlẹ̀, ìlà gbọọrọ kékeré fún àwọn tó bá fẹ́ sàmì sí ohùn àárín, àti àmì abẹ́. Ẹ yí fọ́ǹtì sí Encoding > Reencode > ISO 10646-1 (Unicode, Full), kẹ́ ẹ wá fi wọ́n sí U+0301, U+0300, U+0304 àti U+0323. Fífẹ̀ wọn gbogbo gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Ẹ má fà wọ́n sí apá ọ̀tún òdo. Apá òsì ni kẹ́ ẹ fà wọ́n sí, kí àárín wọn wà ní nǹkan bíi −270, tó súnmọ́ ìdajì fífẹ̀ lẹ́tà kan. Bẹ́ẹ̀, bí ètò kan kò bá tilẹ̀ mọ ìdè tí mo fẹ́ sọ yìí, àmì á ṣì bọ́ sẹ́yìn sórí lẹ́tà tó ṣáájú, kò ní í bọ́ sórí èyí tó ń bọ̀.

Ìdè náà ń ṣiṣẹ́ bíi bọ́tìnì àti ojú rẹ̀: lẹ́tà ní ojú kan lókè àti ọ̀kan nísàlẹ̀, àmì ní bọ́tìnì, ètò kọ̀ǹpútà á sì fi wọ́n dè. Ẹ lọ sí Element > Font Info > Lookups > GPOS, ẹ tẹ Add Lookup, ẹ yan Mark to Base Position, kẹ́ ẹ fún un ní feature tó ń jẹ́ `mark`. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ Add Subtable, ẹ dá ẹgbẹ́ ìdè méjì sílẹ̀, ẹ lè pè wọ́n ní `oke` àti `isale`. Padà sí o wa: nínú fèrèsé rẹ̀, Point > Add Anchor, ẹ fi `oke` sí (275, 560), kẹ́ ẹ fi `isale` sí (275, −60), kí méjèèjì jẹ́ irú Base. Lára U+0300, U+0301 àti U+0304, ẹ fi `oke` sí ìdí àmì kọ̀ọ̀kan, ibi tó súnmọ́ lẹ́tà jù, kó jẹ́ irú Mark. Lára U+0323, ẹ fi `isale` sí orí àmì abẹ́, kí òun náà jẹ́ irú Mark. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún a, e, i, o, u, n, m, s àti àwọn ńlá wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí àyè ẹ, ọ àti ṣ, kẹ́ ẹ tẹ Element > Build > Build Accented Glyph, FontForge á fi e àti àmì abẹ́ kọ́ ẹ fún yín.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń yọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe pàápàá. Lẹ́tà ẹ tí FontForge kọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ní ìdè `oke` tirẹ̀. Bí lẹ́tà e bá ní ìdè, tí lẹ́tà ẹ kò bá ní, é á dára, ẹ́ á bàjẹ́, ẹ óò sì máa wá ìdí rẹ̀ lórí e láìrí i. Ẹ wo i náà: í àti ì kò gbọdọ̀ ní dọ́ọ̀tì lábẹ́ àmì ohùn, nítorí náà ẹ fa i tí kò ní dọ́ọ̀tì sí U+0131, kí ẹ fi òun kọ́ í àti ì. Má gbàgbé n àti m olóhùn: ń àti ǹ ní àyè tiwọn, ḿ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n m̀ kò ní, ìdè ló máa gbé e dúró. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Benin lò ó, ẹ fi ɛ (U+025B) àti ɔ (U+0254) kún un pẹ̀lú ìdè wọn, torí irú lẹ́tà yẹn ni wọ́n fi ń kọ Yorùbá níbẹ̀.

Àmì ohùn ń fẹ́ àyè lókè. Bí lẹ́tà ńlá bá ga ní 700, tí ẹ fi àlàfo 50 sílẹ̀, tí àmì náà sì ga ní 160, Ọ̀ ti dé 910, bẹ́ẹ̀ 800 la fi sí Ascent. Lórí Windows, orí àmì náà lè gé kúrò, pàápàá ní ìlà àkọ́kọ́ ojú ìwé. Ẹ lọ sí Font Info > OS/2 > Metrics, ẹ yọ àmì kúrò nínú àpótí Is Offset wọn, ẹ gbé Win Ascent dé 950 àti Win Descent dé 300, kẹ́ ẹ ṣe HHead Ascent àti HHead Descent bákan náà (Descent ti HHead máa ń jẹ́ −300). Ìlà ìwé á fẹ̀ síra díẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́.

Àlàfo ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú n àti o. Ẹ tẹ `nnonoonn`, kẹ́ ẹ máa yí àlàfo wọn títí dúdú àti funfun á fi dọ́gba lójú. Ẹ̀gbẹ́ tó gún bíi ti n ń fẹ́ àlàfo ju ẹ̀gbẹ́ róbótó lọ. Lẹ́yìn náà, h, m àti u gba ti n. Ọ, e, d àti p gba ti o ní ẹ̀gbẹ́ róbótó wọn.

Ní ti ọ̀nà tí ẹ lè gbà, mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín. Bí orúkọ ẹbí lórí ìwé ìpè ayẹyẹ nìkan lẹ fẹ́ fi fọ́ǹtì yìí kọ, kò pọn dandan kẹ́ ẹ tún gbogbo lẹ́tà fà. Ẹ tún sikáànì ṣe, ẹ tún Trace Bitmap ṣe bí mo ṣe wí, ẹ tẹ Element > Add Extrema, ẹ fi àmì àti ìdè sí i, ó parí. Lẹ́tà ńlá lórí bébà á dára. Bó bá jẹ́ pé ìwé ni ẹ fẹ́ fi kọ, tàbí pé àwọn ẹlòmíràn máa lò ó, mo rọ̀ yín kẹ́ ẹ tún un fà. Ó gba sùúrù, àmọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń hàn kedere tí lẹ́tà bá kéré. Àárín méjèèjì tún wà: ẹ tún lẹ́tà kékeré fà, kẹ́ ẹ fi ti Potrace sílẹ̀ fún lẹ́tà ńlá fúngbà díẹ̀. Ohun kan sì wà tí fọ́ǹtì kò lè ṣe. Nígbà tí bàbá yín bá kọ “OLÓÒTÚ” sára mọ́tò, O mẹ́ta inú rẹ̀ kò ní rí bákan náà, wọ́n á sì fún èyí tó wà létí ilẹ̀kùn pọ̀ kó lè gba àyè. Nínú fọ́ǹtì, O kan náà ni. Ẹ lè fa O kejì àti ìkẹta, kẹ́ ẹ fi feature tó ń jẹ́ `calt` máa pààrọ̀ wọn, ó sì máa ń tu ojú lára, ṣùgbọ́n kò ní í mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ tẹ Element > Validation > Validate. Yóò tò àwọn lẹ́tà tó ní àbùkù: ìlà tí kò pa ẹnu dé, ìlà tó gba orí ara rẹ̀ kọjá, ìlà tó kọrí sí òdì. Ìlà tí kò pa ẹnu dé ló léwu jù, torí lẹ́tà náà lè máà hàn rárá nínú fọ́ǹtì tó jáde. Ẹ sún mọ́ ibi tí ẹnu rẹ̀ ti là kẹ́ ẹ fa kókó méjèèjì lé ara wọn. Fontname nínú Font Info > PS Names kò gbọdọ̀ ní àlàfo tàbí àmì ohùn. Ìlà tí a fà báyìí bá OTF mu jù; TTF ń lo irú ìtẹ̀ mìíràn, FontForge á ní láti yí kókó yín padà kó tó lè gbé e jáde. Ẹ lè lo File > Generate Fonts, tàbí kẹ́ ẹ fi ìwé kékeré yìí pamọ́ sí `gbejade.py`, torí ẹ óò gbé e jáde lọ́pọ̀ ìgbà:

```
import fontforge
f = fontforge.open("baba.sfd")
f.selection.all()
f.removeOverlap()
f.addExtrema()
f.round()
f.correctDirection()
f.generate("Baba-Regular.otf")
```

Ẹ máa fi `fontforge -script gbejade.py` pè é. Fáìlì `baba.sfd` ni ojúlówó iṣẹ́ yín, kò yí i padà. OTF ni ẹ̀dà tó ń jáde. Kẹ́ ẹ tó fi ẹ̀dà tuntun sórí kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò kẹ́ ẹ sì ti LibreOffice tàbí Word pa, torí kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú fọ́ǹtì àtijọ́ sọ́kàn, ẹ óò sì máa rò pé àtúnṣe yín kò wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìlà yìí ní ìwọ̀n 12, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní 48, kẹ́ ẹ sì tẹ méjèèjì sórí bébà: “Ọ̀ṣun, Ẹ̀kọ́, Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú, ọ̀pọ̀lọpọ̀, ńlá, ǹjẹ́, m̀.” Bí àmì ohùn bá jókòó lórí gbogbo wọn, tí orí Ẹ̀ kò gé, tí inú ọ sì là, ẹ gbé e fún bàbá kí wọ́n fi ojú ara wọn yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́tà tí wọ́n bá ní kì í ṣe tàwọn, ẹ padà sídìí sikáànì rẹ̀ kẹ́ ẹ tún un fà.